Al Kan Ló Pọ̀ Jù Lára Pátákó Mọ́sáláṣí Wa

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pátákó tuntun sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí àdúgbò wa, wọ́n pe ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń kọ pátákó, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáká nínú lẹ́tà Lárúbáwá. Wọ́n ní kó kọ "Mọ́sáláṣí Ìmọ́lẹ̀". Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló fi kọ ọ́, ó sì gún régé:

المسجد النور

Èmi ni mo la ẹnu pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ alífù àti láámù àkọ́kọ́ kúrò, ìyẹn al iwájú, kó di مسجد النور. Bàbá alága wò mí tòkè tilẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe ń kọ Mọ́sáláṣí Mẹ́kà ni? Al-Masjidu, al-Haraamu. Al méjì gbáko! Àbí àwọn ará Mẹ́kà náà ò gbọ́ Lárúbáwá?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè o. Lóòótọ́ ni al méjì wà lára Mọ́sáláṣí Mẹ́kà, lóòótọ́ náà sì ni pé al kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lára tiwa. Ẹni tó bá mọ ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ti mọ ìdáfà. Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nìyẹn. Bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ nílé kéwú ni màá ṣe fi lẹ́tà tiwa kọ ọ́, n ò sì ní fi àmì ohùn sí i, torí Lárúbáwá kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa.

Bí Lárúbáwá bá fẹ́ sọ pé nǹkan kan jẹ́ ti ẹnì kan, ó máa ń to ọ̀rọ̀ orúkọ méjì tẹ̀lé ara wọn láìfi nǹkan kan sáàárín. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ni wọ́n ń pè ní ìdáfà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tí wọ́n ni, ni múdáfù. Ọ̀rọ̀ kejì, ìyẹn ẹni tó ni ín, ni múdáfù iléìhì. Kò yẹ kí èyí ba ọmọ Yorùbá lẹ́rù rárá, torí bí àwa náà ṣe ń tò ó nìyẹn. Ilé ló ń ṣáájú nínú "ilé ọba", ọba á wá tẹ̀lé e. Lárúbáwá náà á sọ pé baytu, ilé, kó tó sọ pé maliki, ọba. A ò ní láti yí ọpọlọ wa po ká tó lè sọ ọ́.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni al. Ẹ wo méjì yìí:

بيت ملك, baytu malikin, ilé ọba kan

بيت الملك, baytu l-maliki, ilé ọba, ọba tí èmi àti ìwọ mọ̀

Nínú ti òkè, a ò mọ ọba tí wọ́n ń sọ, a ò sì mọ ilé náà. Nínú ti ìsàlẹ̀, a mọ ọba náà, a sì mọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ló gbé al? Ọba nìkan. Ilé ò gbé nǹkan kan, síbẹ̀ ó ti di ilé tí a mọ̀. Òfin tó wà nínú ìdáfà kò ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló lè gba al, bó bá sì ti gbà á, gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti jẹ nínú rẹ̀. Bí kò bá gbà á, tí kì í sì í ṣe orúkọ ẹnì kan tàbí ọ̀rọ̀ bíi "rẹ", gbogbo wọn pátá ni a kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní gbàgbé. Iṣẹ́ al ni láti sọ pé "èyí ni mò ń wí, kì í ṣe òmíràn". Bí mo bá sọ pé "ilé" lásán, o lè bi mí pé ilé wo. Bí mo bá sọ pé "ilé ọba", mo ti dáhùn kó o tó béèrè. Ọba ti fi ilé náà hàn, iṣẹ́ tí al fẹ́ wá ṣe lára ilé ti parí kó tó dé. Ìdí kan náà ni tánwíìnì, ìyẹn un, an, in tó máa ń wà ní ìparí ọ̀rọ̀, kò fi lè dúró lára múdáfù. Tánwíìnì ló ń sọ fún etí pé ọ̀rọ̀ parí síbí. Lára múdáfù, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Bí ilé bá dá dúró, baytun ni. Bí ọba bá tẹ̀lé e, ó di baytu, ẹnu rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Ọba fúnra rẹ̀ á sì parí pẹ̀lú ohùn i, maliki, torí ohùn i yìí ni àmì pé òun ló ni nǹkan.

Bó bá ṣòro láti gbà, ẹ rántí "náà" tiwa. A máa ń sọ pé "ilé olùkọ́ náà". Kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé "ilé náà olùkọ́ náà". Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń sọ ọ́, ní ìparí, ó sì ń kárí gbogbo rẹ̀. N ò sọ pé náà àti al jẹ́ ọ̀kan o. Ohun tí a ti mẹ́nu bà tẹ́lẹ̀ ni náà sábà máa ń tọ́ka sí, al sì gbòòrò jù ú lọ. Bí wọ́n ṣe ń kárí ni mo ní ó jọra. Mo tilẹ̀ ti kíyè sí i pé àwọn tó ti pẹ́ nílé ìwé Òyìnbó kí wọ́n tó wá kọ́ Lárúbáwá ló ń ṣi èyí ṣe jù. Bí Òyìnbó bá fẹ́ sọ "ilé ọba" ní ọ̀nà gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa pe ọ̀rọ̀ kékeré tó dà bí al, ó máa fi sára ilé, ó máa tún fi sára ọba. Ẹni tó bá ń ti ibẹ̀ wá máa gbé al méjì wọlé láìmọ̀.

Ó yá, ká dá bàbá alága lóhùn.

Mọ́sáláṣí Mẹ́kà, المسجد الحرام, kì í ṣe ìdáfà. Haraamu níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹnì kan tó ni mọ́sáláṣí. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni, ó ń sọ irú mọ́sáláṣí tó jẹ́, pé ó jẹ́ ibi ọ̀wọ̀, ibi tí a kò gbọdọ̀ tàpá sí. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe nínú Lárúbáwá dà bí aṣọ ẹbí, ohun tí olórúkọ bá wọ̀ lòun náà á wọ̀. Bí olórúkọ bá ní al, òun náà á ní al. Bí ti iwájú bá parí pẹ̀lú u, tẹ̀yìn á parí pẹ̀lú u. Ìdí nìyí tí al méjì fi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni المسجد الأقصى tó wà ní Jerúsálẹ́mù, mọ́sáláṣí tó jìnnà jù. Ṣùgbọ́n nuuru, ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Kò lè wọ aṣọ ẹbí pẹ̀lú masjidu. Etí ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá á gba ohun tó wà lára pátákó wa bíi "mọ́sáláṣí náà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ náà", bí ẹni pé mọ́sáláṣí fúnra rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà ní Mẹ̀dínà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà pe mọ́sáláṣí Ànábì tó wà níbẹ̀, méjèèjì ló sì tọ́:

مسجد النبي, masjidu n-nabiyyi

المسجد النبوي, al-masjidu n-nabawiyyu

Mọ́sáláṣí kan náà ni. Nínú ti àkọ́kọ́, nabiyyu jẹ́ ẹni, Ànábì fúnra rẹ̀. Òun ló ni mọ́sáláṣí, ìdáfà ni, al kan ṣoṣo ló sì gbà. Nínú ti èkejì, wọ́n ti sọ Ànábì di ọ̀rọ̀ àpèjúwe, nabawiyyu, "tó jẹ mọ́ Ànábì". Bó ṣe di ọ̀rọ̀ àpèjúwe báyìí ni al méjì wọlé, ohùn i tó wà ní ìparí sì di u. Ẹni tó bá lè sọ ìdí tí al fi pọ̀ sí i láàárín méjì yìí ti kúrò lọ́mọdé. (A ń gbọ́ n-na dípò l-na torí láámù inú al máa ń rì sínú lẹ́tà bíi núùnù, dáálù àti síínù. Ẹnu nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀, kò kúrò nínú ìwé.)

Fún àyẹ̀wò kíákíá, mo fẹ́ràn láti mú ọ̀rọ̀ méjì péré, ilé àti ńlá, kí n máa gbé al kiri lára wọn kí n wo ohun tó máa dà:

بيت كبير, baytun kabiirun, ilé ńlá kan

البيت الكبير, al-baytu l-kabiiru, ilé ńlá náà

البيت كبير, al-baytu kabiirun, ilé náà tóbi

بيت الكبير, baytu l-kabiiri, ilé ẹni ńlá náà

Ìkẹta ti di odindi gbólóhùn, ẹ sì rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe kankan nínú rẹ̀. Àìsí al lára ọ̀rọ̀ kejì ló sọ ọ́ di gbólóhùn. Ìkẹrin ni ìdáfà: al kò sí lára ti àkọ́kọ́, ó wà lára ti ìkejì. Torí náà, bí o bá rí ọ̀rọ̀ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ti iwájú ni kó o kọ́kọ́ wò. Bí al bá ti wà lára rẹ̀, má wulẹ̀ wá ìdáfà níbẹ̀ mọ́, àfi ìyàsọ́tọ̀ kékeré kan tí màá dé bá.

Bí o bá sì ń kírun, ojoojúmọ́ lò ń ka gbogbo ẹ̀kọ́ yìí láìmọ̀, torí ó pé sínú Fátíhà. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ díẹ̀díẹ̀.

Bismi llaahi. Ismu, orúkọ, ni múdáfù, Allaahu sì ni múdáfù iléìhì. A ò sọ pé bi-l-ismi llaahi, torí ẹni tó ni orúkọ ti fi orúkọ náà hàn. Ẹ̀yìn ìyẹn la dé al-hamdu li-llaahi. Háà! Al rèé lára ọpẹ́, Allaahu sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé òfin ti bàjẹ́ ni? Rárá o. Ẹ wo li kékeré tó wà láàárín, tó túmọ̀ sí "ti" tàbí "fún". Ó ti dá ìdáfà náà sí méjì. Hamdu kò so mọ́ Allaahu mọ́ tààrà, ó ti ní òmìnira, torí náà ó lè gbé al tirẹ̀. Li yìí wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń kọ Lárúbáwá. Ká ní o fẹ́ sọ pé "ìwé kan tó jẹ́ ti Ímáàmù", ọ̀kan ṣá nínú àwọn ìwé rẹ̀. Bí o bá sọ pé kitaabu l-imaami, o ti sọ pé ìwé Ímáàmù, èyí tí a mọ̀, torí al ti kárí rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kitaabun li-l-imaami. Tánwíìnì padà sára ìwé, "kan" sì dúró.

Rabbi l-aalamiina, Olúwa gbogbo ẹ̀dá: ìdáfà ni, al wà lára ìkejì nìkan. Maaliki yawmi d-diini wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Olùkápá, ọjọ́, ẹ̀san. Ọjọ́ tó wà láàárín ń ṣe iṣẹ́ méjì, òun ni múdáfù iléìhì fún olùkápá, òun náà sì ni múdáfù fún ẹ̀san. Torí pé ó jẹ́ múdáfù iléìhì, ó parí pẹ̀lú i. Torí pé ó tún jẹ́ múdáfù, kò lè gba al. Al kan ṣoṣo wà ní ìparí, ó sì kárí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ di márùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni ibi tó dùn jù. Ihdina s-siraata l-mustakiima, fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá. Ọ̀nà ní al, tààrà ní al, aṣọ ẹbí ni wọ́n wọ̀. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e tún pe ọ̀nà kan náà: siraata llasiina an'amta alayhim, ọ̀nà àwọn tí O ṣe ìdẹ̀ra fún. Ọ̀nà tó ní al lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ al rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ọ̀nà kan náà ni, kò yí padà, kò sì di "ọ̀nà kan". Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ẹsẹ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló tẹ̀lé e. Nínú ẹsẹ kejì, àwọn tó ni ọ̀nà ló tẹ̀lé e. Mo mọ àwọn tó ti ń ka ẹsẹ méjì yìí láti ogójì ọdún tí wọn ò bi ara wọn rí pé kí ló dé tí al fi wà níbí tí kò sí lọ́hùn-ún. Èmi náà wà lára wọn títí mo fi dàgbà.

Ohun tó máa ń fa àríyànjiyàn lẹ́yìn al ni ibi tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ń lọ. Kò sí ohun tó lè wọ àárín múdáfù àti múdáfù iléìhì rẹ̀ nínú ìkọ̀wé ojoojúmọ́. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ sọ pé "ilẹ̀kùn ńlá ilé ọba", mi ò lè ti ńlá bọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó di dandan kó dúró de gbogbo wọn kí wọ́n kọjá tán: باب بيت الملك الكبير. Ṣùgbọ́n ta ló tóbi níbẹ̀? Ilẹ̀kùn ni, àbí ilé, àbí ọba? Bí wọn ò bá fi àmì sí ìwé náà, ẹnu ò lè kò. Bí wọ́n bá fi àmì sí i, tí ilẹ̀kùn sì parí pẹ̀lú u, ohùn ìparí á sọ díẹ̀. Bó bá jẹ́ al-kabiiru, ilẹ̀kùn ló tóbi, torí ilẹ̀kùn nìkan ló parí pẹ̀lú u, baabu. Bó bá jẹ́ al-kabiiri, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ ọba, torí àwọn méjèèjì ló parí pẹ̀lú i. Ẹ kíyè sí i pé al wà lára kabiiru bó ti wù kó jẹ́. Ilẹ̀kùn tí kò gbé al rárá ń béèrè al lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe rẹ̀, torí nínú ìtumọ̀, ó ti di ohun tí a mọ̀. Ibí yìí lẹ máa ti rí i pé al tó wà ní ìparí kárí lóòótọ́.

Súrà kan wà tó fi èyí hàn kedere, ìyẹn Súrátùr-Rahmáànì. Nínú ẹsẹ 27, a máa ń kà pé wajhu rabbika suu l-jalaali. Nínú ẹsẹ 78 tó parí súrà náà, a máa ń kà pé ismu rabbika sii l-jalaali. Suu níbẹ̀, sii níbí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "oní", oní-títóbi. Nínú ẹsẹ 27, suu ń bá wajhu lọ, èyí tó parí pẹ̀lú u: Ojú Olúwa rẹ ló jẹ́ oní-títóbi. Nínú ẹsẹ 78, sii ń bá rabbika lọ, torí rabbi ni múdáfù iléìhì, ohùn i ló ní: Olúwa rẹ ló jẹ́ oní-títóbi. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan kà fún èkejì ti gbé àpèjúwe lé ohun tí kò yẹ. Rabbika fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìdáfà o, torí ka, "rẹ", ni múdáfù iléìhì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi sọ pé ar-rabbika. "Tèmi", "tìrẹ" àti "tirẹ̀" tó bá lẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ń lé al jáde bí ẹni tó ni ilé ṣe ń lé ayálégbé.

Ohun méjì péré ló kù tí ìdáfà máa ń ṣe sí ìparí múdáfù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí pẹ̀lú núùnù tó ń fi méjì tàbí ọ̀pọ̀ hàn, núùnù náà á bọ́, bí tánwíìnì ṣe bọ́. Ọmọ ilé kéwú gbogbo ló mọ tabbat yadaa abii lahabin. Ọwọ́ méjì ni yadaani bó bá dá dúró, ṣùgbọ́n Abíí Láhábì ló ni wọ́n, ó sì di yadaa. Èkejì ni táà roboto tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ bíi suurah àti laylah. Bó bá dá dúró, kì í dún ní ìdádúró. Nínú ìdáfà, ó máa ń dún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ "súrà" lásán, ṣùgbọ́n tí a ń sọ "Súrátù Yásíìnì" àti "Láílátùl-Kádírì". Bí o bá gbọ́ tù láàárín ọ̀rọ̀ méjì báyìí, kó o ti fura sí ìdáfà.

Orúkọ wa náà kún fún un. Nùrùdéènì ni nuuru d-diini, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn. Tàjùdéènì ni taaju d-diini, adé ẹ̀sìn. Kàmórùdéènì ni òṣùpá ẹ̀sìn. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1923 ń jẹ́ ansaaru d-diini, àwọn alátìlẹyìn ẹ̀sìn. Gbogbo wọn ni al wọn wà lára ẹ̀sìn, kò sí ọ̀kan tó ní méjì. Bí a ṣe ń gé àwọn orúkọ yìí kúrú tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí Yorùbá bá pe ẹnì kan ní Tàjù, Nùrù tàbí Kàmórù, ibi tó yẹ gẹ́lẹ́ ló gé e sí, ní ẹnu ààlà múdáfù, ó tilẹ̀ fi ohùn u sílẹ̀ sí ipò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní "Abdul" ti gbé ọ̀bẹ gba àárín ọ̀rọ̀ kejì. Abdu ni ẹrú. L tó wà ní ìparí kì í ṣe tirẹ̀, ti al tó wà lára Kariimu tàbí Hakiimu ni. Ó ti fa ẹsẹ̀ ẹlòmíì mọ́ra, ó sì fi ẹni tó ni ín sílẹ̀. Ẹrú ta ni? Kò sọ.

Mo ṣèlérí ìyàsọ́tọ̀ kan. Nínú Súrátùl-Hajj, ẹsẹ 35, ọ̀rọ̀ yìí wà: والمقيمي الصلاة, wa-l-mukiimii s-salaati, àti àwọn tó ń gbé ìrun dúró. Núùnù ti bọ́ lára mukiimiina, èyí tó fi hàn pé ìdáfà ni, síbẹ̀ al wà lára rẹ̀! Àwọn onígírámà ń pe irú èyí ní ìdáfà ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, láfíṣíyà, torí kò sí níní nínú rẹ̀. Àwọn olùkírun ò ni ìrun. Wọ́n ń gbé e dúró ni, mukiimu sì sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ kejì kò ti sọ ẹni tó ni ti àkọ́kọ́, kò fi í hàn bó ṣe yẹ, iṣẹ́ al ò tíì parí, al sì lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni الرجل الحسن الوجه, ar-rajulu l-hasanu l-wajhi, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ dára. Dídára kì í ṣe ohun ìní ojú. Ó ń ṣàpèjúwe ọkùnrin ni, torí náà ó wọ aṣọ ẹbí pẹ̀lú ọkùnrin, ó sì tún di ojú mú. Àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti àwọn ọ̀rọ̀ tó ti ara ọ̀rọ̀ ìṣe jáde nìkan ni ààyè yìí ṣí sílẹ̀ fún. Masjidu, baytu àti kitaabu kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Mo sọ èyí fún bàbá alága, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á gbé ẹsẹ 35 yẹn wá lọ́jọ́ kan. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n ka Fátíhà kí àwọn gbọ́. Mo kà á. Nígbà tí mo dé siraata ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ó tó." Wọ́n ránṣẹ́ pe akọ̀wé pátákó náà padà.

Èmi rò pé ọ̀dà funfun ló kàn máa fi pa alífù àti láámù rẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ló là mí lójú. Ó ní láámù ti so mọ́ ọrùn míímù, pé bí òun bá ní kí òun pa láámù nìkan, míímù á yọ ìrù sí apá ọ̀tún bí ẹni tó ń na ọwọ́ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fá orí míímù náà kúrò, ó sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà funfun tuntun náà mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí oòrùn bá sì ti yọ, ẹ máa rí ojú ibi tí al yẹn wà tẹ́lẹ̀.